Ẹ Fi Bóhóòlù Sílẹ̀ Bẹ́ẹ̀

Ó ti sú wa. Ọmọ ilé ìwé á kọ ìpínrọ̀ tó yé ọmọdé, tó yé àgbà, ẹnìkan á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á ní: "Èdè yìí ti rọrùn jù. Gbé e ga." Ọmọ náà á padà lọ jókòó. Á wá òwe kan, á wá ọ̀rọ̀ gbọọrọ mẹ́ta, á kó gbogbo rẹ̀ lé ìpínrọ̀ lórí bí ẹrù orí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé ọdún. Nígbà tó bá fi máa parí, ohun tó fẹ́ sọ gan-an ti sọnù sábẹ́ ẹrù.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé kí èdè àròkọ má ga. Bí a ṣe ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù kọ́ la ṣe ń kọ àròkọ. Ìjà tiwa ni pé àwọn tó ń ní kí ọmọ gbé èdè ga kì í fi ibi tí wọ́n ti ń gbé e hàn án. Ọmọ á wá rò pé orí ọ̀rọ̀ ló wà, ká máa fi ńlá rọ́pò kékeré. Egungun gbólóhùn ló wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò. Ọmọ kan kọ àròkọ lórí ìṣòro omi ládùúgbò rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Omi ò sí ní àdúgbò wa mọ́. Bóhóòlù tí kánsẹ́lọ̀ ṣe fún wa ti bàjẹ́ àti wọn ò tún un ṣe. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ a máa ń lọ sí ilé Àlhájà láti lọ pọn omi, ₦100 ni wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì kan. Nǹkan yẹn ń dùn wá gan-an torí a máa ń pẹ́ dé ilé ìwé. Nǹkan tí mò ń sọ ni pé ìjọba ò tíráì rárá."

Wọ́n ní kó gbé e ga. Ohun tó gbé padà wá nìyí:

"Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ní ti òdodo ọ̀rọ̀ tí kò lábùlà, ọ̀dá omi ti wọ̀ wá lọ́rùn ní sàkáání ibùgbé wa. Ẹ̀rọ afami-láti-abẹ́-ilẹ̀ tí aṣojú wa fi ta wá lọ́rẹ ti dẹnu kọlẹ̀, ó kò sì rí ẹni tí yóò ṣe àtúnṣe sí i. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, bí àkùkọ bá ti kọ lẹ́yìn ọmọkùnrin, a máa ń gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà ilé ìyá olóore kan láti ṣe àwárí omi. Ẹ̀dùn ọkàn ńláǹlà ni èyí jẹ́ fún wa. Ìjọba ti fi wá sílẹ̀ nínú agbami ìyà."

Wọ́n fún un ní máàkì tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó bí wa nínú nìyẹn.

Ẹ wo ohun tó ti sọnù. ₦100 ti lọ. Àlhájà tó ń ta omi ti di ìyá olóore, bíi pé ó ń fi omi ṣe sàárà. Pípẹ́ dé ilé ìwé, tó jẹ́ ohun tó ń dun ọmọ náà, ti lọ, "ẹ̀dùn ọkàn ńláǹlà" ló wá jókòó sí ipò rẹ̀. Ẹ sì wo àkùkọ yẹn. Bí àkùkọ bá kọ lẹ́yìn ọmọkùnrin, ọkùnrin náà ti kú nìyẹn. Àkànlò èdè ikú ni, kì í ṣe ti òwúrọ̀. Ọmọ yìí ti pa ènìyàn kan ní àárọ̀ kùtùkùtù láìmọ̀, nítorí pé wọ́n ní kó wá ọ̀rọ̀ ńlá.

Èyí tó dùn wá jù ni "pọn omi". Yorùbá kì í kàn gbé omi. À ń pọn omi ní orísun, à ń fa omi nínú kànga, à ń bu omi nínú àmù, à ń ru omi wálé. Ọmọ náà ti lo èyí tó yẹ gan-an láìsí ẹni tó kọ́ ọ, torí ó ń pọn ọ́n lójoojúmọ́. Ìjìnlẹ̀ nìyẹn. Olùkọ́ kò rí i, ó jẹ́ kí ó fi "ṣe àwárí omi" pa á rẹ́. Ta ló ń ṣe àwárí ohun tó mọ ilé tó wà?

Báwo ló ṣe yẹ ká gbé e ga, nígbà náà? Ọ̀rọ̀ kéékèèké la ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. "Ò" inú ọ̀rọ̀ ẹnu á di "kò": "omi ò sí" á di "kò sí omi", "wọn ò" á di "wọn kò". "Nǹkan" á di "ohun", "torí" á di "nítorí". "Tí ilẹ̀ bá ti mọ́" á di "bí ilẹ̀ bá ti mọ́", nítorí pé "tí" ti ní iṣẹ́ mìíràn nínú ìpínrọ̀ náà, òun ló so "bóhóòlù" mọ́ "kánsẹ́lọ̀ ṣe fún wa". Bí a bá fi iṣẹ́ méjèèjì fún un nínú ìwé, ojú òǹkàwé á máa kọsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, "àti". Nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, "àti" yẹn gan-an ni àṣìṣe, a ò sì rí ẹni tó fa ìlà sí i nídìí. "Àti" ń so ọ̀rọ̀ orúkọ pọ̀: Òjó àti Àìná, iyọ̀ àti ata. Kì í so gbólóhùn méjì pọ̀. "Sì" ló ń ṣe ìyẹn, ẹ̀yìn olùwà ló sì máa ń dúró sí: "ti bàjẹ́, wọn kò sì tún un ṣe". Ọ̀rọ̀ kékeré kan yẹn gbé gbólóhùn ga ju òwe mẹ́wàá lọ.

Àmọ́ ó ní ibi tó yẹ ká dúró. Àwọn kan rò pé èdè ìwé ni ká tú gbogbo ohun tí ẹnu ti so pọ̀, ni wọ́n bá ń kọ "ṣe iṣẹ́" níbi tí "ṣiṣẹ́" wà, "gbé ẹsẹ̀" níbi tí "gbẹ́sẹ̀" wà, títí gbólóhùn á fi máa rìn bí arọ. Àṣejù yìí náà ló bí "ó kò" tó wà nínú ìpínrọ̀ kejì. Kò sí Yorùbá kankan tó ń sọ "ó kò" tàbí "ó yóò" nínú èdè àjùmọ̀lò. "Kò" nìkan ti tó, "yóò" nìkan ti tó. Níbi tí ẹ bá ti rí "ó kò", ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ń fi ẹsẹ̀ ìka rìn kó lè ga.

Ọ̀rọ̀ àyálò ńkọ́? Ìbéèrè kan là ń bi ara wa: kí ni ẹni tó ń lò ó ń pè é? Ẹ fi bóhóòlù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe kànga, torí ọwọ́ la fi ń gbẹ́ kànga, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ débi tí korobá fi lè wọlé. "Ẹ̀rọ afami-láti-abẹ́-ilẹ̀" kò sì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó ń wá máàkì. Kẹ́ẹ̀gì náà kò gbọ́dọ̀ lọ, òun ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń tà. "Tíráì" ló yẹ kó lọ, nítorí pé Yorùbá ní "gbìyànjú" tí gbogbo ayé ń lò. Àmọ́ nígbà tí a débẹ̀, a rí i pé gbólóhùn yẹn kò sọ nǹkan kan, yálà ní tíráì ni o, yálà ní gbìyànjú. Ibẹ̀ la ti bi ọmọ náà ní ìbéèrè. Ìgbà wo ló bàjẹ́? "Oṣù kẹta." Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń lọ pọn omi? "Ẹ̀ẹ̀mẹta, kí n tó wẹ̀." Tó o bá pẹ́ ńkọ́? "Wọ́n á nà wá."

Ìpínrọ̀ náà wá di báyìí:

"Kò sí omi ní àdúgbò wa mọ́. Láti oṣù kẹta ni bóhóòlù tí kánsẹ́lọ̀ ṣe fún wa ti bàjẹ́, wọn kò sì tún un ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ilé Àlhájà ni a ń lọ láti pọn omi, ₦100 sì ni wọ́n ń ta kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń lọ kí n tó wẹ̀, wọ́n sì ti máa ń parí àdúrà òwúrọ̀ ní ilé ìwé kí n tó dé. Àwa tí a pẹ́ ni wọ́n ń nà. Kò sí ẹni tó ń bi kánsẹ́lọ̀ ìdí tí òun náà fi pẹ́."

Kò sí òwe níbẹ̀. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Ọ̀rọ̀ ti ọmọ yìí kò sọnù. Ta ló ń di ẹṣin ní gàárì láti yàrá lọ sí pálọ̀? "Omi kò lọ́tàá" kò bá a jà, kò sì bá a gbè, ó kàn jókòó síwájú ìpínrọ̀ bí àlejò tí kò sẹ́ni tó pè é.

A mọ èsì tí ẹ ó fún wa. Ẹ ó ní: Fágúnwà ńkọ́? Ṣebí ó máa ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀? Òótọ́ ni. Àmọ́ nínú "Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀", tó jáde ní 1938, ọdẹ tó ti inú igbó àwọn iwin dé ló ń ròyìn. Ohun tó rí ló fa ẹnu ńlá yẹn. Ẹ sì rántí pé ṣáájú rẹ̀, I. B. Thomas ti fi èdè ojoojúmọ́ ará Èkó kọ ìtàn Sẹ̀gilọlá nínú ìwé ìròyìn "Akéde Èkó", àwọn èèyàn sì gbà gbọ́ pé obìnrin náà wà láàyè. Àwọn méjèèjì jẹ́ Yorùbá. Kálukú lo èdè tó bá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mu. Bóhóòlù tó bàjẹ́ kì í ṣe igbó irúnmalẹ̀.

Ẹ tún lè ní àwa fúnra wa ń kọ "a ò" láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin la ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àròkọ ìdánwò. Bí ọmọ náà bá ń kọ àròkọ onísọ̀rọ̀gbèsì, "ò" á wà lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe pẹ́ńsù pupa yín ní olùgbé-èdè-ga, ẹ gbé ìpínrọ̀ méjèèjì lọ sílé Àlhájà. Ẹ kà wọ́n sí i létí nídìí ẹ̀rọ omi rẹ̀. Bó bá dé "afami-láti-abẹ́-ilẹ̀" tó ní "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?", ẹ ti ṣi èdè gbé. Bó bá dé ìparí èkejì tó dákẹ́, tàbí tó bínú pé ẹ fẹ́ ba ọjà òun jẹ́, èdè yẹn ti ga tó.