Ìfúnpọ̀ Nìkan Kọ́: Ìdí tí Opus fi Yẹ Ìpè ju Àwọn Ọ̀nà Àtijọ́ lọ

Nígbà tí ògbufọ̀ bá fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ ohùn ènìyàn di ọ̀wọ́ bíìtì, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ìfúnpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dára fún orin tí a tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà, nítorí àyè ni a ń wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òun nìkan ṣàlàyé ìpè, àṣìyé ni yóò bí. Èrò mi ni pé àkókò ni olórí ohun tí ó mú Opus yẹ ọ̀rọ̀ àsọgbà nígbà tí bíìtì kò bá pọ̀, àti pé ó yẹ kí èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró fún un. Ìdádúró ni ọ̀rọ̀ tí mo fi lélẹ̀.

Ọdún 2012 ni a tẹ ìlànà Opus jáde. Ẹ̀yà méjì ni a so pọ̀ nínú rẹ̀: SILK, tí ó ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Skype wá, tí a ṣe fún ọ̀rọ̀ sísọ, àti CELT, tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Xiph.Org wá, tí ó bá orin mu. Bí bíìtì bá kéré, SILK ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá pọ̀, CELT ni. Láàárín méjèèjì, wọ́n lè pín iṣẹ́ náà ṣe. Opus lè ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìjẹ́ pé ìpè já.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdádúró. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ni ó ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ kò lè fi ègé kan ránṣẹ́ títí tí ègé náà yóò fi pé, nítorí náà bí ègé ṣe gùn tó ni ẹni tí ń gbọ́ yóò ṣe dúró tó, ó kéré tán. Ègé tí Opus sábà ń lò gùn tó mílísẹ́kọ́ńdì 20, èyí tí í ṣe ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi ìwọ̀nba tí ó ń wò síwájú kún un, ìdádúró rẹ̀ jẹ́ 26.5. Ti MP3 sábà máa ń kọjá 100, nítorí pé ó ń wo ohun tí ń bọ̀ kí ó tó pinnu, ó sì ń yá bíìtì láti inú ègé kan fún òmíràn. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí fún orin. Olùgbọ́ orin kò dá olórin lóhùn. Àmọ̀ràn àjọ àgbáyé fún ìbánisọ̀rọ̀ ni pé kí gbogbo ìdádúró láti ẹnu dé etí má ṣe ju 150 lọ bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ geere. A ó rí i pé MP3 nìkan ti jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kí ohùn tó kúrò nílé. Nígbà náà ni àwọn méjì yóò máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn, tí ọ̀kan yóò sì rò pé ẹnìkejì ń ṣe iyè méjì kí ó tó dáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi dúró lórí àwọn ọ̀nà tẹlifóònù àtijọ́, bí G.711 àti G.729, tí ìdádúró tiwọn náà kéré. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìbú ohùn. Ìró tí ó ń gbọ̀n láti bí 300 ìgbà títí dé 3,400 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni tẹlifóònù àtijọ́ ń gbé. Ẹnìkan lè rò pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ wa ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí ìgbọ̀n tí ó bí wọn sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 300. Kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ń mọ̀ wọ́n láti inú àwọn ìgbọ̀n òkè tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn kọ́ńsónáǹtì àfúnnupè ni ó ń jìyà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára [s] wà lókè 4,000, nítorí náà àlà tí ó wà láàárín *sá* àti *ṣá*, tàbí *fín* àti *sín*, a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. SILK lè gbé ìró títí dé 8,000, nítorí pé ó ń fi ìró tí ó ti kọjá sọ àsọtẹ́lẹ̀ èyí tí ń bọ̀, bí ọ̀nà ọ̀fun àti ẹnu ṣe ń mú un jáde, tí ó sì jẹ́ pé ìyàtọ̀ tí àsọtẹ́lẹ̀ náà kò bá ni ó ń fi bíìtì rẹ̀ ṣàpèjúwe.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ìpè kan. A fún Opus ní kílóbíìtì 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì fi ègé kọ̀ọ̀kan sínú ìdì tirẹ̀. Ìdì 50 ni yóò máa lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn inú ìdì kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ báìtì 40. Ṣùgbọ́n àkọlé tí Íńtánẹ́ẹ̀tì ń kọ sára ìdì náà jẹ́ báìtì 40 pẹ̀lú. Àpapọ̀ rẹ̀ di kílóbíìtì 32. G.711, tí ohùn tirẹ̀ jẹ́ kílóbíìtì 64, yóò di 80 ní ọ̀nà kan náà. G.729, tí ó jẹ́ kílóbíìtì 8, yóò di 24. Nítorí náà ẹni tí ó bá tìtorí ìfúnpọ̀ yan G.729 rò pé òun dín ẹrù kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin ni ó dín ní ọ̀kan, ó sì ti fi [s] rẹ̀ san án. Bí a bá fa ègé Opus gùn dé mílísẹ́kọ́ńdì 60, àpapọ̀ yóò wálẹ̀ sí bí 21.3, yóò sì kéré sí ti G.729 yẹn. Owó tí a san ni ìdádúró 40 sí i, àti pé ìdì kan tí ó bá sọnù yóò lè gbé odidi kọ́ńsónáǹtì lọ.

Ìdì a sì máa sọnù. SILK lè fi ẹ̀dà ègé tí ó ṣáájú, èyí tí bíìtì rẹ̀ kéré, sínú ìdì tí ó tẹ̀ lé e. Bí ìdì kan bá sọnù, a ó ti inú èkejì rí i gbà padà. Ààlà ètò yìí mẹ́ta ni: kò lè gba ìdì méjì tí ó sọnù tẹ̀ léra; olùgbà ní láti dúró de ìdì kejì; bíìtì ẹ̀dà náà sì ń wá láti inú ti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. CELT nìkan kò ní irú ẹ̀dà yìí.

Etí lè fi àìsàn wọ̀nyí hàn. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ geere ṣùgbọ́n tí [s] àti [f] jọra, ìbú ohùn ni ó kéré. Bí ìró bá ń fà gùn bí ti ẹ̀rọ, tí ó sì já, ìdì ni ó ń sọnù. Bí ohùn bá mọ́ ketekete ṣùgbọ́n tí a ń já lu ọ̀rọ̀ ara wa, ìdádúró ni. Òògùn ọ̀kan kì í wo èkejì sàn: fífa ègé gùn, tí ó dín ẹrù kù, ń dá kún ìdádúró.

Nítorí náà ni mo fi rọ ẹ̀yin ògbufọ̀ àti olùkọ́ pé kí a má ṣe kó ọ̀ràn mẹ́rin yìí jọ sábẹ́ ìfúnpọ̀. Ìfúnpọ̀ ni ti iye bíìtì. Ìdádúró ni ti àkókò. Ìbú ohùn ni ti ìgbọ̀n tí a gbé. Ìsọnù ìdì ni ti ohun tí kò dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò mọ ohun tí yóò béèrè kí ó tó yan ọ̀nà fún ìpè rẹ̀. Ẹni tí ó ní ìfúnpọ̀ nìkan yóò máa fi nọ́ńbà kan ṣe ìdájọ́ gbogbo rẹ̀, yóò sì máa yan èyí tí kò yẹ.