Agbẹ̀bí Tí Kì Í Fi Ojú Lásán Wọn Ẹ̀jẹ̀

Nọ́ọ̀sì tí a fẹ́ fi han ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí ń gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìlú Jos. Wọ́n ní kí a má dárúkọ àwọn, torí ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ àwọn ìyá tí wọ́n ti tọ́jú. Ọ̀nà méjì ni orúkọ wọn gbà wà nínú ìwé àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà: gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì àti gẹ́gẹ́ bí agbẹ̀bí. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ náà ní dandan ni.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ ni wọ́n mọ̀ dunjú. Bí ibi bá ti já, ilé ọmọ ló yẹ kó sún kì, kó fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Bí ó bá rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé aṣọ àti ibùsùn a máa fa ẹ̀jẹ̀ náà mu, ojú á sì rí i bíi díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìyá, tó ní àpò tí a fàlà ìwọ̀n sí lára.

Ìyá kan gbà kí a sọ tirẹ̀, láìsọ ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí ọjọ́ tó bímọ. Ẹ̀jẹ̀ inú àpò náà ṣì jẹ́ 300 mìlílítà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 118 láàárín ìṣẹ́jú kan. Agbẹ̀bí wa kò dúró de 500. Wọ́n ń ra ikùn rẹ̀ kí ilé ọmọ lè le, ẹnìkejì fi oògùn tó ń sún ilé ọmọ kì sínú dírípù, wọ́n sì rọra fún un ní gírámù kan oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n fa ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ya. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ̀jẹ̀ dá ní 620. Wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

“Tẹ́lẹ̀, a máa ń ṣe ọ̀kan, a ó dúró wò ó, kí a tó ṣe èkejì,” ni wọ́n wí. “Ìdúró yẹn ló ń pa ìyá.”

Wọ́n dán ọ̀nà yìí wò ní ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Tansaníà àti Gúúsù Áfíríkà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2023. Níbi tí wọn kò ti lò ó, ìyá 43 nínú 1000 ló pàdánù ju lítà ẹ̀jẹ̀ kan lọ, tàbí kí wọ́n la inú rẹ̀ tàbí kó kú nítorí ẹ̀jẹ̀. Níbi tí wọ́n ti lò ó, 16 ni.

Ọ̀rá náà kì í bá ìyá délé. Bí páàdì bá kún fún ẹ̀jẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, tàbí tí òòyì ń kọ́ ìyá, ẹ gbé e padà sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.