Kò Sẹ́ni Tó Jí Nọ́ńbà Ìyá Akápò, Ẹ Yé Bú Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó wà ní Kánò níbí àti àwọn tó wà ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Fúntùwá, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, àmọ́ ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti gbé e sínú, mi ò lè gbé e mì mọ́.

Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Wásáàpù ẹgbẹ́ lóṣù kẹta. Àfi bí fọ́tò ọmọkùnrin kan tó dé fìlà Hausa ṣe yọ lórí nọ́ńbà Ìyá Akápò. Ọmọ náà kọ̀wé ní gẹ̀ẹ́sì, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ̀yin, kí lẹ fi mí sáàárín yín ṣe. Ẹ̀yin náà mọ èsì tí a fún un. Ẹnì kan pè é ní ọmọ yahúù. Ẹnì kan ṣépè fún ìyá rẹ̀. Èmi alára fi ohùn ránṣẹ́ sí i ní èdè Hausa, mo sọ ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà bíi tèmi sọ. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ìpàdé wá fẹnu kò pé ká gbé nọ́ńbà náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n wá olè tó jí layìn akápò wa.

Èmi lòdì sí ìyẹn. Kò sí olè kankan níbẹ̀. Mo tẹ̀ lé ìyá lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ fóònù náà, wákàtí mẹ́ta la fi dúró lórí ìlà, mo sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ látẹnu ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Layìn méjì ni Ìyá Akápò ní, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ní. Ọ̀kan ni layìn Ọ̀fà tó ti rà tipẹ́, òun ló fi ṣí báńkì, òun náà ló fi ṣí Wásáàpù. Èkejì ni layìn Kánò tó fi ń pe àwọn oníbàárà. Nígbà tí wọ́n sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní December 2023, ó fi layìn Ọ̀fà pe èèyàn káàkiri ilé. Bó ṣe dé Kánò, ó fi síìmù náà sínú fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, bátìrì kú, ó parí. Ṣùgbọ́n Wásáàpù nọ́ńbà Ọ̀fà yẹn ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù ńlá rẹ̀ lójoojúmọ́. Òun ló fi ń kọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá. Ìdí nìyẹn tó fi ń búra pé, "Báwo ni wọ́n ṣe máa ní mi ò lo nọ́ńbà mi? Ṣebí àná ni mo fi kọ̀wé sí yín!"

Ibí yìí ni gbogbo wa ti ń ṣìnà. Wásáàpù kì í ṣe layìn. Ọjọ́ tí èèyàn bá kọ́kọ́ ṣí i, ó máa fi kóòdù ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà náà láti mọ̀ bóyá ó wà lọ́wọ́ ẹni. Tó bá ti gba kóòdù yẹn, kì í bi síìmù léèrè mọ́ lójoojúmọ́. Détà layìn mìíràn lè máa gbé e rìn, Wáifáì náà lè gbé e. Détà tí ìyá ń jó láti ìgbà yẹn, ti layìn Kánò ni. Lójú ilé-iṣẹ́ tó ni layìn Ọ̀fà, ìyá ò pe ẹnikẹ́ni, kò tẹ̀ tẹ́ẹ̀sì, kò ra détà, kò ná kọ́bọ̀. Layìn náà dákẹ́ bí òkúta.

Òfin tí àjọ NCC fi lélẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀. Tí layìn kan bá lo oṣù mẹ́fà gbáko láìṣe ohunkóhun tó ń mú owó wọlé fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n lè tì í pa. Tí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, àyàfi tó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ló bàjẹ́ tí kò jẹ́ kó lè lò ó. Ẹ wá ka ti ìyá. Láti December 2023 dé June 2024, oṣù mẹ́fà pé, wọ́n ti layìn. Láti June dé December 2024, oṣù mẹ́fà kejì pé. Nígbà tó fi máa di March 2025, ọmọ yẹn ti ra síìmù tuntun ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi NIN tirẹ̀ forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fún un ni ti ìyá. Owó rẹ̀ ló fi rà á.

Ẹnì kan á ní, síìmù ìyá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, báwo ni ẹlòmíràn ṣe máa ní nọ́ńbà kan náà? Síìmù àti nọ́ńbà kì í ṣe ohun kan. Síìmù ní nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀ nínú, tí àwa kì í rí. Inú ìwé ńlá ilé-iṣẹ́ náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà wọn, ni wọ́n ti so nọ́ńbà fóònù mọ́ ọn. Bí ṣọ́ọ̀bù ọjà wa ló ṣe rí. Kọ́kọ́rọ́ lè wà lápò rẹ, àmọ́ tí onílé bá ti pààrọ̀ àgádágodo tó sì gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, irin lásán lo mú dání. Àwọn oníbàárà rẹ àtijọ́ á sì máa wá síbẹ̀, wọ́n á máa bi ẹni tuntun pé níbo ni ike tí wọ́n san owó rẹ̀ sílẹ̀ wà.

Kí ló dé tí wọn ò fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín títí láé? Nọ́ńbà kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí kò lópin. Ẹ mú 0803. Nọ́ńbà méje péré ló kù lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ohun tí méje yẹn lè fúnni kò ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ọwọ́ NCC sì ni ilé-iṣẹ́ ti ń gba nọ́ńbà, tòun ti owó. Ọlọ́jà wo nínú wa ló máa fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní títì fún ọdún márùn-ún nítorí ẹni tí kò sanwó, tí kò sì sọ pé òun ń bọ̀? Mi ò dá wọn lẹ́bi lórí pé wọ́n gbà á.

Ibi tí mo ti dá wọn lẹ́bi ni pé wọ́n gbé nọ́ńbà fún ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tó lọ sọ fún báńkì ìyá. Áláàtì owó rẹ̀, títí kan owó ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀, ń wọlé sí fóònù ọmọ náà. Ọmọ náà sọ fún wa pé òun mọ iye tó kù. Kò lè gbé e, torí kò mọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìyá fi ń ṣe tírańsífáà, ṣùgbọ́n kóòdù tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ tí èèyàn bá ní òun gbàgbé páásíwọ̀dù, orí nọ́ńbà yẹn ló ń lọ. Ká ní ọmọ burúkú ni ńkọ́? Wọ́n lè ní àwọn fi tẹ́ẹ̀sì kìlọ̀ fún ìyá. Orí fóònù tó kú sínú dúrọ́ọ̀ ni tẹ́ẹ̀sì yẹn ń lọ! NIN ìyá wà lọ́wọ́ wọn, layìn Kánò rẹ̀ wà lábẹ́ NIN kan náà. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé inú wa tó ń kọ lẹ́tà sí ìjọba, ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ gbé lọ bá NCC nìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kéré, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oníṣòwò kan ní Àsábà lọ́dún 2019. Ó ra síìmù tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò mọ̀ pé ọmọ ààrẹ ìgbà náà ló ń lo nọ́ńbà yẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn DSS gbé e, wọ́n tì í mọ́lé fún ohun tó lé ní oṣù méjì. Ó pe ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àsábà sì ní kí DSS san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún un. Oníṣòwò bíi tèmi ni o. Irú ìyà yẹn lẹ fẹ́ fi jẹ ọmọ yìí, nínú ìlú tí àwa fúnra wa ti jẹ́ àlejò?

Ìyá pàápàá rí àmì, kò kọbi ara sí i. Ó ti pẹ́ tí áláàtì kò wọlé mọ́, ó ní báńkì ló ń ṣe wèrè. Ká ní ó fi síìmù náà sínú fóònù lóṣù keje, tó gbìyànjú láti pe ẹnì kan, ì bá ti rí i pé kò lọ. Ìgbà yẹn nọ́ńbà ò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ṣì ní oṣù márùn-ún láti sáré lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Ẹni tó bá ní layìn ilé nínú àpótí, ẹ yọ ọ́ lónìí. Ẹ fi kírẹ́díìtì sí i, ẹ fi pe ìyàwó yín, kó pẹ́ díẹ̀ tí owó á fi jáde, ẹ tún un ṣe lóṣù méjì méjì. Kírẹ́díìtì tó kàn jókòó síbẹ̀ láìná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni tí kò bá fẹ́ layìn náà mọ́, ẹ lọ yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò ní báńkì nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé èyí tẹ́ ẹ fi ṣe BVN, ẹ fi layìn kọ̀ọ̀kan tẹ *565*0#, wọ́n á yọ ogún náírà, èyí tó bá gbé BVN jáde lòun. Lórí Wásáàpù, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ ó rí Change number níbẹ̀, á kó yín lọ sórí layìn tuntun tòun ti gbogbo ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ wà. Two-step verification náà wà níbẹ̀, ó dáa kẹ́ ẹ ṣe é, àmọ́ ọjọ́ méje péré ló lè fi dá ẹni tí nọ́ńbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró.

Ìyá ti lọ báńkì, wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Mo pe ọmọ náà fúnra mi, mo sì bẹ̀ ẹ́. Télọ̀ ni, Hàdéjà ló ń gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n bá òun bẹ bàbá kan tó ń pe òun láàárọ̀ kùtù, tó ń fi Yorùbá bú òun lórí owó àjọ. Bàbá náà wà láàárín wa níbí, mo sì fura sí ẹni tó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ nínú fóònù yín.