Bàbá bọ́ bàtà: bí ọmọ yín ṣe lè kọ́ ìwé kíkà nílé

Ẹ̀yin òbí tó jẹ́ pé ìdájí lẹ ti ń wọ dánfó ní Mòwé àti Ìbàfò lọ sí Èkó, tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ orí títì márosẹ̀ kì í sì í jẹ́ kẹ́ ẹ tètè délé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ará Ìfọ̀ náà, ẹ sún mọ́ bí, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ẹ ti sanwó ilé-ìwé, ẹ ti sanwó lẹ́sìnnì, ọmọ sì ń ka éè, bíì, síì bí ayékòótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti wò ó bóyá ó lè kàwé?

Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ ní kó mú ìwé aláwòrán tó máa ń kà fún yín wá, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ bo àwòrán náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Mòwé ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún 5 nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ti ka ìwé òyìnbó kan fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣì í rárá. Àfi bí wọ́n ṣe bo àwòrán bọ́ọ̀lù tó dákẹ́, tó ń wo àjà. Ohun tó ń kà tẹ́lẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà, àwòrán ló ń wò, ó sì ti há ìyókù sórí látẹnu tíṣà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olódo o. Orúkọ lẹ́tà ni wọ́n kọ́ ọ, wọn ò kọ́ ọ ní ìró rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní kó pe "ba", "bíì-éè" ló máa sọ, kò sì sí bí bíì-éè ṣe máa di "ba" létí ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ nílé. Lẹ́tà Yorùbá kì í yí ohùn padà bíi ti òyìnbó. "A" tó wà nínú "ata" náà ló wà nínú "bàtà", àmì orí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ọmọ ò ní gbọ́ òyìnbó. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní òyìnbó lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣèdánwò parí, àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn nínú òyìnbó rárá.

Ó yá, báwo lẹ ṣe máa ṣe é? Ìṣẹ́jú 10 lóòjọ́ ti tó, ẹ ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kó sùn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kan lẹ́tà. Ẹ jọ wo àwòrán, kẹ́ ẹ máa bi í pé, "Kí ni bàbá yìí ń ṣe? Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?" Ẹ̀yin lẹ máa ka ọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ máa fi ìka tọ́ka sábẹ́ rẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ jọ máa pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀: bà-tà, àtẹ́wọ́ 2, a-dì-ẹ, àtẹ́wọ́ 3. Ọmọ tí etí rẹ̀ bá lè gé ọ̀rọ̀ báyìí, ojú rẹ̀ náà máa tó lè gé e.

Lẹ́yìn náà ló máa wá kan fáwẹ́lì méjèèje: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé "o" àti "ọ" kì í ṣe ọ̀kan náà, ohùn wọn yàtọ̀. Tó bá ti mọ̀ wọ́n, ẹ mú lẹ́tà mẹ́rin péré, b, t, w àti l. Ẹ má pe orúkọ wọn, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ fáwẹ́lì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Lẹ́tà kan lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè gba méjì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi "d" sílẹ̀ ni, torí ó jọ "b" tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ibòmíì, ọmọdé sì máa ń gbé wọn fúnra wọn. Ó dìgbà tí "b" bá ti jókòó dáadáa.

Ìwé wo ni wọ́n máa wá fi lẹ́tà mẹ́rin kà? Ìyá ọmọ Mòwé yẹn ò rà á, ó ṣe é ni. Ó ya ewé ìwé àkọsílẹ̀, ó rán an pọ̀, ó sì ya àwòrán sójú ewé márùn-ún. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ló ti kọ gbólóhùn kan gàdàgbà gadagba: "Bàbá wọlé. Bàbá bọ́ bàtà. Bọ́lá wọ bàtà. Bàtà tóbi. Bàtà bọ́." Ẹ wò ó dáadáa, kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀ tó ju mẹ́rin yẹn àti fáwẹ́lì lọ. Ìtàn sì ni, torí ọmọ náà rẹ́rìn-ín nígbà tí bàtà bàbá bọ́ lẹ́sẹ̀ Bọ́lá.

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ìyá kà á fún un. Lọ́jọ́ kejì wọ́n jọ kà á, lọ́jọ́ kẹta ó ku ọmọ nìkan. Nígbà tó dé "tóbi", ó há. Ìyá ò pariwo, kò sì sọ ọ́ fún un. Ó ka ení, èjì, dé àrún nínú, kó tó fìka bo "bi" tó fi ku "tó". Ọmọ pe "tó". Ó ṣí i, ọmọ pe "bi", ó sì so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Ní Sátidé, wọ́n bo àwòrán, ó ṣì kà á. Ìyá tún kọ "Bọ́lá wọlé", tí kò sí nínú ìwé náà rárá. Ó ka ìyẹn náà. Èyí tí kò rí rí yìí ló fi hàn pé kíkà ló ń kà.

Àmì ohùn ńkọ́? Ẹ má kọ́ ọ bí òfin, àwòrán ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ ya ọ̀bẹ sójú ewé kan, kẹ́ ẹ ya abọ́ ọbẹ̀ sí èkejì. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n, àmì ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ọmọ tó sì ń jẹun nílé yín ti mọ̀ pé èèyàn kì í fi ọbẹ̀ gé ẹran.

Tí lẹ́tà bá ń pọ̀ sí i, ẹ fi "gb" kọ́ ọ bí ìró kan ṣoṣo, ẹ má sọ pé "g" ni àti "b". Bẹ́ẹ̀ náà ni "an", "in", "ọn" àti "un". Àsìkò yẹn lẹ lè máa wá ìwé ẹlòmíì. Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà l'Abẹ́òkúta, kọ wà fún un. Ìwé aláwòrán ọ̀fẹ́ tún wà lórí fóònù ní africanstorybook.org, Yorùbá wà lára èdè ibẹ̀. Ipele 1 ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ kọ́kọ́ kà á fúnra yín, torí onírúurú èèyàn ló ń túmọ̀ wọn. Èyí tí kò bá ní àmì sábẹ́ ọ àti ẹ, ẹ fi bírò sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, àbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Tó bá ṣì ń gbé b fún d lọ́mọ ọdún 6, ẹ má dà á láàmú, ó wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tó ń fún ojú pọ̀, tàbí tí kì í gbọ́ tẹ́ ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn, ẹ má gba lẹ́sìnnì kún lẹ́sìnnì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò.