Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán: Kí Ọmọ Fi Ara Rẹ̀ Ṣẹ̀fẹ̀, Kí Ó Fi Iyì Fún Òbí

Kí ìkànnì ayélujára tó dé ni àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ọ̀dà kọ ọpẹ́ sára ọkọ̀ wọn. «Ìyá Ni Wúrà» àti «Òrìṣà Bí Ìyá Kò Sí» kì í ṣe ohun àjèjì lára bọ́lẹ̀kájà àti dánfó. Lónìí, abẹ́ àwòrán ọkọ̀ tàbí owó oṣù àkọ́kọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ ń kọ irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ sí. Ọpẹ́ náà dára, àwàdà inú rẹ̀ sì dùn. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni kí ọmọ máa fi òṣì òbí ṣe ìpolówó ọlà tirẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, kí ọmọ alákàrà kan gba owó oṣù àkọ́kọ́, kí ó sì kọ ọ́ pé: «Ẹ wo ọmọ alákàrà etí títì lónìí!» Àwọn ọ̀rẹ́ lè pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ni ìyá rẹ̀ yóò gbọ́ nínú rẹ̀? Yóò gbọ́ pé ẹrẹ̀ tí ọmọ òun já ara rẹ̀ gbà kúrò nínú rẹ̀ ni àkàrà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.

Kí ọmọ kan náà wá kọ ọ́ báyìí: «Ogún ọdún ni mo fi jẹ àkàrà àwìn. Owó oṣù ti wọlé o. Màámi, ẹ wá gba gbèsè yín!» Àkàrà ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ìyá ti di ẹni tí a jẹ ní gbèsè, ọmọ ni ajigbèsè. Gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ní ọdún 2024, ₦70,000 ni òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù. Ìyẹn kò lè san gbèsè ogún ọdún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ rìn kí ó lè rí owó mọ́tò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lè kọ ọ́ pé: «Bàbá, ẹ jókòó sẹ́yìn. Ẹ ti san owó dírẹ́bà yín sílẹ̀ tipẹ́.» Ìrúbọ kan ṣoṣo tí a dárúkọ ní pàtó ju ọgọ́rùn-ún «ẹ ṣeun» lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kò gbọdọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọwọ́ òbí ni owó oṣù àkọ́kọ́ kọ́kọ́ ń dé fún àdúrà, ẹ̀yìn àdúrà náà ni wọn yóò dá èyí tí ó tó padà fún ọmọ. Òbí tí ó gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ lẹ́nu aládùúgbò ti pàdánù ayọ̀ tí ó tọ́ sí i. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Kì í ṣe àwòrán ọmú. Kí ọmọ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lé òbí lọ́wọ́, kí ó gba àdúrà, kí ó ka ohun tí ó fẹ́ kọ sí wọn létí. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kí ó fi síta.