Ṣé Ọlọ́run ló wá ń bọ wá ni?

Ẹ̀yin ará wa ní Odomèta, gìtá kan àti ìlù méjì tó fún orin ìjọsìn. Ohun tó ń ba orin jẹ́ ni kí àwọn kan mú ohùn orin Faransé, kí wọ́n wá fi tipátipá ki Yorùbá bọ̀ ọ́.

Ẹ wo orin ẹsẹ mẹ́rin lórí òtítọ́ Ọlọ́run. Ẹsẹ kìíní ní "Ó gbà mí": ohùn wà lókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. Ó dáa. Èkejì ní "Ó rà mí". Ẹ̀kẹta, "Ó ràn mí lọ́wọ́". Ẹ̀kẹrin wá ní "Ó bọ́ mi". Orin kan náà yóò fa "bọ́" wálẹ̀, yóò gbé "mi" sókè, ìjọ yóò sì gbọ́ "Ó bọ mí", bí ẹni ń bọ òrìṣà! A kò gbà. Ẹ kọ "Ó pè mí jẹun", ohùn rẹ̀ bá ti ìyókù mu.

Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Èkó, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá ní 1953 pé ohùn ọ̀rọ̀ ló yẹ kí orin tẹ̀ lé.

Ègbè ló rọrùn jù, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí padà: "Olóòótọ́ ni Olúwa", lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu títí ohùn rẹ̀ yóò fi hàn, kí onígìtá tó fọwọ́ kan okùn.