Bí Ọmọdé Bá Ṣubú, A Wo Iwájú

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìyìn fún àgbà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ka òwe yìí sí: ọmọdé ṣubú, ó dìde, ó bá eré rẹ̀ lọ, àgbà ṣubú, ó yíjú padà kó lè mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àmọ́ fún ẹni tó bá di máìkì mú níwájú ọba àti ìjòyè, tó ń fi àlejò pàtàkì han àwùjọ, apá méjèèjì òwe náà ló wúlò. Oríṣi ìṣubú méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ atọ́kùn ètò. Ó lè gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn, ó sì lè ṣi oyè pè. Bó bá gbàgbé ọ̀rọ̀, iwájú ni kó wò. Bó bá ṣi oyè pè, àfi kó bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan fún èkejì ló máa ń dójú ti ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Kúta, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kúta kò jìnnà sí Ìwó. Olówu ni oyè ọba Òwu-Kúta, Olúwòó ni oyè ọba Ìwó. Ẹ pe méjèèjì tẹ̀ léra, kíákíá, kí ẹ gbọ́ bí ahọ́n ṣe ń yọ̀. Lẹ́yìn “Ol” tí méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, “o” ló ṣáájú “u” nínú ọ̀kan, “u” ló ṣáájú “o” nínú èkejì, ohùn wọn sì yàtọ̀ díẹ̀. Kò tán síbẹ̀ o. Olúwo tún wà, oyè olórí láàárín àwọn awo, òun náà sì lè wà níjókòó lọ́jọ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni Olówu kì í ṣe ẹyọ kan: Orílé-Òwu ní tirẹ̀, àwọn Òwu Abẹ́òkúta ní tiwọn. Atọ́kùn tó bá pe Olówu láìdárúkọ ìlú, nígbà tí ẹlòmíì tó ń jẹ́ Olówu wà níbẹ̀, kò tíì pe ẹnì kankan.

Ohun tó ń fa irú àṣìpè yìí kì í ṣe àìmọ̀ nígbà gbogbo. Kí ẹnu tó parí ọ̀rọ̀ kan ni ọkàn ti ń to èyí tó kàn. Bí oyè méjì tó jọra bá wà nítòsí ara wọn lórí ìwé, èyí tó wà lẹ́yìn lè já bọ́ síwájú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa fi lè ṣì í.

Ká wá ní ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú ń lọ ní Kúta, àwọn ọba méjèèjì ti gúnwà. Atọ́kùn kọjú sí Olówu, ó ní, “Kábíyèsí, Olúwòó...” Kó tó mọ̀ ọ́n lára, àmì ti hàn. Onílù tó ti gbé ọ̀pá sókè láti kí ọba kò lù ú mọ́. Àwọn olóyè wo ojú ara wọn. Ẹnì kan ní ìlà iwájú ti ń ju ọwọ́ sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé ni kó dúró sí, kó má parí gbólóhùn yẹn rárá. Kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó tẹríba sí ọba tó ṣẹ̀, kó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́: “Kábíyèsí, ẹ foríjì mí. Olówu Òwu-Kúta, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.” Kó fún onílù láyè, kí ìlù kí ọba, kí òun sì bọ́ sí ìlà tó kàn.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sọ. Kò ní, “Mo pè yín ní Olúwòó,” nítorí bó bá sọ ọ́, máìkì ti gbé àṣìṣe náà jáde lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Kò bẹ̀rẹ̀ àlàyé pé iná kò tó, pé ẹni tó tẹ̀wé ló fà á. Kò sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀fẹ̀ ló burú jù níbẹ̀, torí pé orúkọ ìtẹ́ ọba méjì ló dàrú mọ́ra wọn, àwọn ará ìlú méjèèjì sì wà níjókòó tí wọ́n ń gbọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan tó. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún ń gba ojú èèyàn kúrò lára ọba wá sára òun fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tó bá wá kan Olúwòó, kó pe tiẹ̀ náà pérépéré, kó má sáré é kọjá bí ẹni tó ń bẹ̀rù.

Bí kò bá fura àfìgbà tó ti ń fi ẹlòmíì hàn ńkọ́? Kó parí ti ẹni yẹn lákọ̀ọ́kọ́, kí ó má baà sọ ẹni méjì di ẹni ẹ̀tẹ́, lẹ́yìn náà kó padà sẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ààfin Yorùbá nìkan nìyí. Lọ́jọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí Adájọ́ Àgbà John Roberts ń búra fún Barack Obama ní Amẹ́ríkà, orí ló fi sọ ìbúra náà, kò mú ìwé dání, ọ̀rọ̀ kan sì ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Obama dákẹ́, ó dúró dè é. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún gbogbo ìbúra náà ṣe ní ilé ìjọba, díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé èèyàn sórí oyè kì í ṣe èyí tí a ń fò.

Ọ̀rọ̀ tí a gbàgbé yàtọ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ atọ́kùn kò sí lọ́wọ́ àwùjọ. Bó bá gbàgbé ilé ẹ̀kọ́ tí àlejò lọ, kó bọ́ sórí ohun tí àlejò ṣe fún ìlú. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan fò. Ẹni tó bá ń wá ohun tó bọ́ sẹ́yìn kiri, tó ń ní “kí ni mo tún fẹ́ sọ ná,” òun ló ń fi àlàfo náà han gbogbo ayé. Dídákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ níwájú ọba, ọ̀wọ̀ ló jọ. Kíkí ìjòyè kú ìjókòó, tàbí kíké sí onílù, yóò fún ọkàn láyè kó rántí.

Ó níbi tó mọ o. Bó bá jẹ́ oyè fúnra rẹ̀ ló gbàgbé, kó má méfò. Kó gbé máìkì kúrò lẹ́nu, kó bi ẹni tó bá ọba wá. Bó bá jẹ́ oríkì ló já lẹ́nu, kó dá a dúró níbi tó mọ̀, torí oríkì kúkúrú sàn ju kó fi ti ìdílé míì dí i.

Ọ̀pọ̀ ìṣubú yìí, orí ìwé ètò ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀wé máa ń kọ OLUWO gàdàgbà láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, oyè awo àti oyè ọba Ìwó á wá rí bákan náà lójú àlejò tó wá ṣe atọ́kùn. Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìpàdé ní Kúta, ní Ìwó, àti ní gbogbo agbègbè yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sórí oyè, ẹ kọ ìlú tì í, ẹ má to oyè tó jọra tẹ̀ léra, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan láti ààfin pè é sétí atọ́kùn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.